Iṣẹ́ méjì nínú ìtọ́ni kan: lẹ́tà tí mo kọ sí alámòójútó kọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí tí wọ́n ń sọ yẹn jókòó síwájú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ó ń wo ojú rẹ̀, ó gbọ́ ibi tó ti gbóhùn sókè, ó sì rántí ohun tí wọ́n jọ sọ lánàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn kò rí ìkankan nínú gbogbo èyí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú fáìlì nìkan ló dé ọwọ́ rẹ̀, odidi tí yóò sì dà nínú tirẹ̀ lè má jọ èyí tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ rárá.

Ìtọ́ni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò gùn. Kọ́ọ̀sì nípa ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ni, asáínmẹ́ǹtì kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Yan méjì nínú àwọn tíọ́rì tó ṣàlàyé ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Ṣe àgbéyẹ̀wò bí wọ́n ṣe wúlò tó ní ibi iṣẹ́ kan tí o mọ̀ dáadáa. Lo ẹ̀rí tó yẹ. Iṣẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 2,000 lọ."

Àtẹ máàkì wà lábẹ́ rẹ̀. Òye tíọ́rì méjèèjì gba máàkì 30, ìfiwéra gba 30, ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́ gba 25, ètò àròkọ àti ìtọ́kasí ìwé sì gba 15 tó kù.

Bí èèyàn bá kà á lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó rú u lójú. Mo fẹ́ kí ẹ tún un kà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi nǹkan kan wé òmíràn. Kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin ni ìtọ́ni náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mẹ́nu kan ìfiwéra, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo máàkì. Ìtọ́ni tún ní "ẹ̀rí tó yẹ", àtẹ máàkì wá ní "ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́". Méjèèjì lè jẹ́ ohun kan náà. Wọ́n sì lè jẹ́ ohun méjì tí ọ̀kan nínú wọn yóò gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹni tó wà nínú kíláàsì kì í pẹ́ bọ́ nínú irú èyí. Olùkọ́ á ti fẹ́ máa jáde lọ, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ má kàn to tíọ́rì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn o." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló gbé máàkì 30 dání, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Michael Moore, onímọ̀ tó ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn láti àwọn ọdún 1970, sọ pé jíjìnnà tó ṣe pàtàkì nínú irú ẹ̀kọ́ yìí kọjá iye kìlómítà tó wà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Àlàfo òye tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni, àlàfo náà sì máa ń fẹ̀ sí i níbi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ bá ti kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní òpópónà kejì sí yunifásítì rẹ̀ lè jìnnà ju ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn lọ, bí ẹni ọ̀hún bá ní olùkọ́ tó ń dá a lóhùn. Lẹ́tà tí mo kọ yẹn, ọ̀nà kan ni láti dín àlàfo náà kù níbi tó ti ń dunni jù.

Kí n tó kọ ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá iyàtọ̀ tí mo rí yìí tó nǹkan lóòótọ́. Gbogbo ìtọ́ni ló ní ibi tó rú díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í yí iṣẹ́ padà. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé kí n ṣe ètò àròkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún òye kọ̀ọ̀kan, kí n wá wò ó bóyá àròkọ méjì ni wọ́n máa bí tàbí ẹyọ kan náà.

Tíọ́rì Frederick Herzberg àti ti Victor Vroom ni mo yàn. Herzberg àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí wọn jáde ní 1959. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí ẹnjiníà àti oníṣirò owó 200 lẹ́nu wò, wọ́n ní kí oníkálukú sọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn jù sí iṣẹ́ rẹ̀ àti ìgbà tí iṣẹ́ náà sú u jù. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé àwọn nǹkan tó ń múnú òṣìṣẹ́ dùn, irú bí àṣeyọrí, ìyìn, àti adùn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó ń bí i nínú. Apá èyí tó ń bí wọn nínú ni wọ́n ka owó oṣù sí, pẹ̀lú òfin ilé iṣẹ́ àti ìwà ọ̀gá. Bí ẹ bá tún wọn ṣe, ìkùnsínú á lọ sílẹ̀, àmọ́ ìtara kò ní tìtorí ìyẹn wá. Ti Vroom, tó jáde ní 1964, gba ọ̀nà mìíràn. Lójú tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ síta. Bí mo bá gbìyànjú, ṣé mo máa lè ṣe é? Bí mo bá ṣe é, ṣé wọ́n máa fún mi ní ohun tí wọ́n ṣèlérí? Ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi ọ̀hún, ṣé mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ lórí ara wọn, nítorí náà bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, gbogbo rẹ̀ di òdo.

Ibi iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni ibi tí a ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Wọ́n gbé owó ìwúrí kalẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú ẹjọ́ oníbàárà tó pọ̀ jù lóṣù. Iṣẹ́ yá díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí bó ṣe wà.

Bí mo bá gba ìtọ́ni gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ètò mi á rí báyìí: ìfáàrà 200 ọ̀rọ̀, Herzberg àti ibi iṣẹ́ náà 750, Vroom àti ibi iṣẹ́ náà 750, ìparí 300, níbi tí màá ti sọ èyí tó wúlò jù. Àròkọ tó mọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè ní kò dáhùn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìfiwéra wà. Inú ọ̀rọ̀ 300 tó kẹ́yìn nìkan ni, ìyẹn ni ohun tó gba máàkì 30. Bí a bá pín ọ̀rọ̀ 2,000 sórí máàkì 100, máàkì kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 20 ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ó yẹ kí ìfiwéra gbà tó 600. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń máàkì kì í ka ọ̀rọ̀ lórí ìlà báyìí, síbẹ̀ ìṣirò náà ń fi hàn nígbà tí ètò ẹni bá ti ṣẹ́ sápá kan.

Bí mo bá gba àtẹ máàkì gbọ́, ètò náà yí padà: ìfáàrà 200, àlàyé ṣókí lórí tíọ́rì méjèèjì 500, lẹ́yìn náà 1,000 ọ̀rọ̀ lórí owó ìwúrí yẹn, níbi tí Herzberg àti Vroom á ti jọ máa dá ìbéèrè kan náà lóhùn, kí ìparí gba 300. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ètò àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ kí n rí. Herzberg á ní kò yani lẹ́nu pé owó náà kò pẹ́ kó tó rọ̀, pé kí ọ̀gá lọ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó fún òṣìṣẹ́ lágbára láti yanjú ẹjọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Vroom á ní owó náà lè ṣiṣẹ́, pé ibòmíràn ló ti já. Ẹjọ́ oníbàárà ń wọlé bó ṣe wù ú níbẹ̀, ẹni tí ẹjọ́ líle bá já lé lọ́wọ́ kò lè yanjú púpọ̀ bó ti wù kó sapá tó, ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ti di òdo. Nítorí náà, kí ọ̀gá tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín ẹjọ́ ṣe. Ìmọ̀ràn méjì tí kò bá ara wọn lọ nìyẹn fún ọ̀gá kan náà lórí owó kan náà. Bí mo bá ya wọ́n sọ́tọ̀ ní 750, 750, ìjà yẹn kò ní hàn.

Nítorí náà, àròkọ méjì ni. Ó tó ohun tí a ń kọ lẹ́tà sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ní tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó kan àkókò. Bí "ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́" bá túmọ̀ sí pé kí n fi ìbéèrè wá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu wò, ìwádìí tó kan èèyàn ló dà yẹn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìlànà ìwádìí, àṣẹ ọ̀hún sì lè pẹ́ ju àkókò tí wọ́n fún asáínmẹ́ǹtì kékeré lọ. Ẹni tó bá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò láìgba àṣẹ lè rí i pé wọn kò ní gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ní ìdàkejì, ẹni tó lo ìwé àwọn onímọ̀ nìkan lè pàdánù 25 yẹn, nítorí kò mú nǹkan kan wá láti ibi iṣẹ́. Àárín ibi méjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wà, ọjọ́ sì ń lọ.

Lórí Wọ́ọ̀tsáàpù àwa akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ti gbà pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ẹnì kan sọ ọ́, òmíràn ní òun náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi di alẹ́, ó ti di òfin. Ẹnì kan tilẹ̀ ti to ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé kí a lò ó. N kò bá wọn jiyàn, nítorí èmi náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kọ àtẹ máàkì yẹn.

Kí n tó kọ̀wé, mo padà sínú ìwé amọ̀nà kọ́ọ̀sì àti ìwé ìlànà akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan wà tí mo ti fẹ́ béèrè, ìyẹn bóyá àkójọ ìwé ìtọ́kasí wà nínú 2,000 ọ̀rọ̀ náà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìlànà, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè mẹ́ta bá wà nínú lẹ́tà, tí ọ̀kan sì jẹ́ ohun tó wà nínú ìwé tí gbogbo èèyàn gbà, ìyẹn ni alámòójútó máa dáhùn, nítorí òun ló rọrùn jù, á sì fi ìlà kan sọ pé kí o lọ ka ìwé ìlànà. Àwọn méjì tó kù á wá wọlé sábẹ́ ìdáhùn yẹn.

Nínú ìwé amọ̀nà, níbi tí wọ́n to àwọn ète ẹ̀kọ́ náà sí, mo rí èyí tó wí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè "fi àwọn tíọ́rì wéra, kí ó sì dájọ́ lórí wọn". Ìyẹn gbè sẹ́yìn àtẹ máàkì. John Biggs kọ ọ́ ní 1996 pé ó yẹ kí ète ẹ̀kọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, àti ohun tí wọ́n fi ń dán an wò máa fa okùn sí ọ̀nà kan náà. Nígbà tí méjì nínú wọn bá fà sápá kan, tí ẹ̀kẹta dá lọ sí òmíràn, mo máa ń fura pé ẹ̀kẹta ni wọ́n kọ ní kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n ìfura kò tó ohun tí mo lè fi ṣe 1,000 ọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe yẹ kí n kọ lẹ́tà náà gan-an, ìhà kejì tábìlì ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti bá wọn máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kọ́ọ̀sì mìíràn ṣáájú èyí, mo sì ti rí bí lẹ́tà irú eléyìí ṣe ń rí lójú ẹni tó ń gbà á. Alámòójútó kò lómìnira tó bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìtọ́ni náà kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí olùyẹ̀wò láti ìta náà ti kà á, a kò sì lè tún un kọ láàárín sáà nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn tó ń máàkì pọ̀, àtẹ máàkì kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, ohun tí alámòójútó bá sọ fún mi níkọ̀kọ̀ kò sì dé etí wọn. Èyí tó tún le jù ni pé kò gbọdọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìmọ̀ tí àwọn yòókù kò ní. Lẹ́tà tó bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí mo fẹ́ kọ yìí dára?" ti fi í sínú wàhálà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ràn mí lọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti máàkì iṣẹ́ tí n kò tíì fi ránṣẹ́. Ó sàn fún un kó ní, "Jọ̀ọ́, tún ìtọ́ni kà."

Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe ni kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí asáínmẹ́ǹtì. Ó rí i pé ìtọ́ni kò péye, ó bá a tún un ṣe lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì kọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ẹni tó ń máàkì kò ní ibì kankan lórí àtẹ tó lè fi í sí.

Ìbéèrè tí alámòójútó lè dáhùn ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ṣeé lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde fún gbogbo èèyàn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Àkọlé: Asáínmẹ́ǹtì kejì, ìbéèrè méjì lórí ìtọ́ni (ìfiwéra àti ẹ̀rí)

Ọ̀mọ̀wé,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó wa. Mo ti ka ìtọ́ni asáínmẹ́ǹtì kejì, àtẹ máàkì rẹ̀, ìwé amọ̀nà kọ́ọ̀sì àti ìwé ìlànà akẹ́kọ̀ọ́. Ohun méjì ló kù tí n kò rí ìdáhùn sí nínú wọn.

Èkíní: ìtọ́ni ní kí a ṣe àgbéyẹ̀wò bí tíọ́rì méjì ṣe wúlò tó ní ibi iṣẹ́ kan, kò mẹ́nu kan ìfiwéra. Àtẹ máàkì fún ìfiwéra ní 30. Èyí lè túmọ̀ sí (a) kí a gbé tíọ́rì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́tọ̀, kí a wá fi wọ́n wéra ní ìparí. Tàbí (b) kí ìfiwéra jẹ́ òpó àròkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí ohun tí ìwé amọ̀nà sọ nínú àwọn ète ẹ̀kọ́, mo rò pé (b) ni. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́?

Èkejì: ìtọ́ni ní 'ẹ̀rí tó yẹ', àtẹ máàkì ní 'ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́'. Ṣé (a) ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara rẹ̀ rí níbi iṣẹ́, tó fi ìwé àwọn onímọ̀ tì lẹ́yìn, ti tó. Tàbí (b) kí a fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò? Bó bá jẹ́ (b), ṣé a nílò àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí? Mo ń béèrè rẹ̀ nísinsìnyí nítorí pé àṣẹ náà lè pẹ́ ju ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ.

Kí iṣẹ́ má bàa dúró, (b) ni màá máa tẹ̀ lé fún èkíní, àti (a) fún èkejì, títí màá fi gbọ́ ohun tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Bó bá sì jẹ́ olùtọ́nà ẹgbẹ́ mi ló yẹ kí n bi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ júwe mi síbẹ̀.

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọ̀mọ̀wé."

Orúkọ mi àti nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mi wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ kọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì mélòó kan kò lè mọ èyí tí mo ń sọ.

Ẹ máa rí i pé n kò dárúkọ Herzberg, n kò dárúkọ Vroom, n kò sì sọ̀rọ̀ owó ìwúrí. Ó wù mí kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo ti ronú jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ tèmi, bí mo bá fi í sínú lẹ́tà, ìdáhùn náà á di ti èmi nìkan, kò sì ní ṣeé kéde. Nítorí ìdí kan náà ni n kò fi so ètò àròkọ mi mọ́ ọn.

Gbólóhùn tó gbà mí lákòókò jù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí iṣẹ́ má bàa dúró". Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, ó ní "bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín títí di ọjọ́ Ẹtì". Nígbà tí mo kà á jáde sí etí ara mi, ó dún bí ẹni tó ń dá ọjọ́ fún ẹni tó jù ú lọ. Mo yọ ọjọ́ náà. Ohun tó kù ń sọ ohun tí èmi ń ṣe, kò sì ní kí wọ́n ṣe ohunkóhun. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí mo bá wà lọ́nà tó tọ́, alámòójútó lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Bí mo bá sì ti ṣìnà, àwọn náà á fẹ́ tètè sọ ọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo ti ń lọ. Àwọn lẹ́tà tó ń dúró jù nínú àpótí ímeèlì ni àwọn tí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ronú kó tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ohun kan wà tí lẹ́tà báyìí kò lè ṣe. Kò lè sọ bí ìfiwéra ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó kí ó tó gba 25 nínú 30. Ìyẹn wà lọ́kàn àwọn tó ń máàkì, wọ́n sì kọ́ ọ láti inú kíka iṣẹ́ púpọ̀. Bí mo bá béèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí "tó jinlẹ̀" àti "tó péye" ni màá gbà padà. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọdún tó kọjá, níbi tí yunifásítì bá ti ń kó o jáde, máa ń sọ̀rọ̀ jù wọ́n lọ. Kọ́ọ̀sì tiwa kò ní.

Ìdáhùn dé, ó kúrú: "Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Ẹ wo pátákó ìkéde." Lórí pátákó, wọ́n ti kọ ọ́ fún gbogbo wa pé ìfiwéra ni òpó iṣẹ́ náà, pé ẹ̀rí láti ibi iṣẹ́ túmọ̀ sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí fúnra rẹ̀ tàbí ohun tí ilé iṣẹ́ ti gbé jáde fún aráyé, pé kí ẹnikẹ́ni má fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, àti pé kí a má dárúkọ ibi iṣẹ́ náà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, n kò ronú kàn án, ó sì wúlò púpọ̀. Wọ́n fi kún un pé "ìfiwéra tó jinlẹ̀" ni àwọn ń retí. Mo rẹ́rìn-ín. N kò tún kọ lẹ́tà mìíràn nítorí "jinlẹ̀" yẹn. Mo gbà pé ibi tí tíọ́rì méjèèjì bá ti fún ọ̀gá ní ìmọ̀ràn tó takora, ibẹ̀ ló jinlẹ̀ sí, mo sì gbé gbogbo 1,000 ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ sórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ẹjọ́ oníbàárà.

Lórí Wọ́ọ̀tsáàpù, ẹni tó to ìbéèrè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sílẹ̀ fún wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa, bí ẹni pé òun ló béèrè.

Ìgbésẹ̀ kan kù, òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Gbogbo ẹni tó ń máàkì kọ́ ló ń ka pátákó ìkéde kọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan, ìtọ́ni àti àtẹ máàkì nìkan ló sì máa wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, mo fi gbólóhùn kan sínú ìfáàrà mi, lẹ́yìn tí mo ti dárúkọ tíọ́rì méjèèjì: "Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí alámòójútó kọ́ọ̀sì ṣe lórí pátákó ìkéde, ìfiwéra ni òpó iṣẹ́ yìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wá láti inú ohun tí mo rí fúnra mi, láìfọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò." Mo kọ ọjọ́ tí ìkéde náà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.